Ìdí tí ojú sánmà fi ń là sí ìlà-ìlà nínú fídíò

Wọ́n ya tọkọtaya kan ní fídíò létí ọ̀sà l'Ékòó, nígbà tí oòrùn ti wọ̀ tán, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Lókè pátápátá, sánmà dúdú bí aró. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ omi ló ń mọ́ sí i, títí tó fi pọ́n díẹ̀ nísàlẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ya fídíò náà, kò sí ibi téèyàn lè nàka sí pé ibí ni dúdú ti parí, ibí ni mímọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí fídíò máa fi dé orí fóònù ìyá ìyàwó, sánmà ti là sí abala gbọọrọ gbọọrọ, láti òsì dé ọ̀tún, etí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì hàn gbangba. Ẹnì kan á ní kámẹ́rà ni kò dáa. Ẹlòmíì á ní dátà ló kéré. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti ya fídíò tán ni ọ̀pọ̀ irú wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àtidènà rẹ̀ sì wà, bí a bá mọ ibi tó ti ń wọlé.

Nọ́ńbà ni àwòrán inú kọ̀ǹpútà. Ojú àwòrán pín sí àwọn àmì tó-tò-tó tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, nọ́ńbà ló sì ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Nínú fáìlì oní-bíìtì 8, èyí tó pọ̀ jù lọ títí di òní, nọ́ńbà 256 péré ló wà, láti 0 dé 255. Fídíò kì í tiẹ̀ lo gbogbo rẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀: 16 ni dúdú pátápátá, 235 ni funfun, 220 ló ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì. Ìyẹn tó fún ojú èèyàn, fún aṣọ òfì, fún igi àti ògiri, torí pé nǹkan wọ̀nyẹn ń yí padà láti píksẹ́lì kan sí èkejì. Sánmà ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré ni sánmà ní láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tẹ́ ìyàtọ̀ kékeré náà sórí àyè tó fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fídíò náà ní ẹsẹ̀ píksẹ́lì 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀, sánmà sì gba 720 nínú rẹ̀. Ká ní nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ lókè jẹ́ 60, tó sì di 84 létí omi. Ìṣísẹ̀ 24 péré nìyẹn lórí ẹsẹ̀ píksẹ́lì 720. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ 30 gbáko yóò gbé nọ́ńbà kan náà, kí ó tó fò sí èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí 60 ààbọ̀ nínú fáìlì yìí. Bó bá kúrò ní 60, 61 ló kàn.

Èèyàn lè rò pé ìyàtọ̀ 60 sí 61 kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tò bó ṣe yẹ, kíkúrò ní 60 sí 61 ń fi ohun tó lé ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ojú wa lè rí ìyàtọ̀ nǹkan bí 1 nínú ọgọ́rùn-ún bí abala méjì bá fara kan ara wọn. Tó bá jẹ́ láti 180 sí 181 ni, ìmọ́lẹ̀ kò fi púpọ̀ lé ju 1 ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyí tí sánmà ọ̀sán gangan kì í fi sábà là, tó sì jẹ́ pé ti ìrọ̀lẹ́ àti ti òru ló ń dààmú èèyàn. Ojú tún ń bu iyọ̀ sí i: Ernst Mach, onímọ̀ físíìsì ará Austria, kọ̀wé lọ́dún 1865 nípa bí ojú ṣe ń sọ ààlà láàárín ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́ di ohun tó le ju bó ṣe wà lọ. Ààlà kékeré ló wà nínú fáìlì, ààlà ńlá ni à ń rí.

Bí a kò bá lè kọ 60 ààbọ̀ sílẹ̀, ọgbọ́n kan wà tí a lè fi mú kí ojú rí i. Dítà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ẹ wo obìnrin kan tó ń ta ata ní ₦130, tó sì jẹ́ pé owó bébà ₦100 nìkan ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, kò sí ṣẹ́ńjì. Bó bá gba ₦100 lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà, ó pàdánù ₦30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bó bá gba ₦100 lọ́wọ́ èèyàn 7, tó sì gba ₦200 lọ́wọ́ èèyàn 3, owó tó wọlé lórí èèyàn 10 náà á jẹ́ ₦1,300, iye tó yẹ gẹ́lẹ́. Àwọn mẹ́ta yẹn á bínú, òótọ́ ni. Píksẹ́lì kì í bínú ní tirẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ sánmà bá ti yẹ kó jẹ́ 60.3, bí kò bá sí dítà, gbogbo píksẹ́lì ibẹ̀ á gba 60. Bí dítà bá wà, mẹ́ta nínú mẹ́wàá á gba 61, a ó sì fọ́n wọn ká:

```
60 60 60 60 60 60 60 60 60 60
60 61 60 60 60 61 60 60 61 60
```

Láti ọ̀nà jíjìn, ojú kò rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn ló rí, ó sì pe àpapọ̀ náà ní 60.3. Bí sánmà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mẹ́rin nínú mẹ́wàá á di 61, lẹ́yìn náà márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́fà, títí gbogbo wọn á fi di 61. Etí abala tí ojú ì bá dì mú ti pòórá.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yan píksẹ́lì tó máa gba 61 kò le: kí ó tó sọ 60.3 di nọ́ńbà odidi, ó fi nọ́ńbà kékeré kan tó ṣèèṣì mú kún un, tó lè jẹ́ ẹ̀kún tàbí àdín. Lawrence Roberts, tó ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìwádìí jáde lọ́dún 1962 tó fi hàn pé bí a bá da irú ariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ àwòrán kí a tó dín bíìtì rẹ̀ kù, a lè fi bíìtì díẹ̀ gbé àwòrán tó ṣeé wò. Ọ̀nà míì wà tí kì í lo ṣèèṣì. Bryce Bayer lo tábìlì nọ́ńbà kan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, lọ́dún 1973. Robert Floyd àti Louis Steinberg ní tiwọn, lọ́dún 1976, máa ń ti àṣìṣe píksẹ́lì kan sórí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí iṣẹ́ kò tíì kàn. Fún fídíò, ti ṣèèṣì ni mo fẹ́ràn jù, torí pé tábìlì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe máa ń fojú hàn bí fídíò bá tóbi lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, à bá kàn máa fi dítà sí gbogbo nǹkan. Fífún fáìlì pọ̀ ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́.

H.264, tó jáde lọ́dún 2003, ló ṣì ń gbé fídíò tó pọ̀ lórí fóònù. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó pín àwòrán sí bulọ́ọ̀kù kéékèèké, bíi píksẹ́lì 8 sí 8. Ó kọ́kọ́ fi ohun tó wà nítòsí méfò ohun tó yẹ kó wà nínú bulọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù ló wá tú palẹ̀ sí ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú oríṣiríṣi bátànì, láti orí èyí tó fẹ̀ dé orí èyí tó wẹ́wẹ́. Ó ní nọ́ńbà kan fún bí bátànì kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló máa pín pẹ̀lú iye kan, tó sì máa gé ẹ̀sẹ́ rẹ̀ kúrò. Ibi tí fáìlì ti ń kéré gan-an nìyẹn, torí pé èyí tó pọ̀ nínú wọn á di òdo, òdo kì í sì gba àyè.

Iye tó ń fi pín yẹn wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní QP. Bí QP bá jẹ́ 22, 8 ló ń fi pín. Bó bá fi 6 lé sí i, tó di 28, iye náà á di ìlọ́po méjì, ìyẹn 16. Ẹ wá wo dítà wa: ariwo rẹ̀ ko ju nǹkan bí ìdajì nọ́ńbà kan lọ nínú bátànì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 8 pín ìdajì, kí ẹ gé ẹ̀sẹ́ kúrò. Òdo ni. Gbogbo 61 tí a fọ́n ká yẹn ni ènkódà gbá dànù nígbà kan ṣoṣo, láìtọrọ gááfárà, torí pé lójú tirẹ̀ ìdọ̀tí ni wọ́n.

Kò sì dúró níbẹ̀. Nínú bulọ́ọ̀kù 8 sí 8, ìlọ́po 8 ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀ ni ènkódà ń kọ sílẹ̀. Nígbà tó bá wá fi 16 pín in ní QP 28, ìpíndọ́gba náà kò lè yí padà bí kò ṣe ní méjì-méjì: 60, 62, 64. Ìṣísẹ̀ 24 tí a ní tẹ́lẹ̀ ti di 12, abala kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ píksẹ́lì 60. Iṣẹ́ ènkódà gan-an lọ́jú pọ̀ ju ìṣirò yìí lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ń dorí kọ nìyẹn. Ẹni tó bá wo fídíò tí wọ́n fún pọ̀ jù dáadáa á rí àmì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bíìtì ló kéré látilẹ̀, etí abala máa ń gún tàbí kó tẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó sì máa ń dúró sójú kan. Bó bá jẹ́ ènkódà ló ṣe é, etí abala máa ń gé ṣákaṣàka ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo sánmà á sì ta gìrì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀, nígbà tí fídíò bá kan férémù tó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe kókó ni ibi tí dítà yóò wà, àti bí yóò ṣe le tó, kí ó lè la ìfúnpọ̀ já.

Ìdáhùn tó dára jù ni kí a má ṣe dín bíìtì kù rárá títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó. Bíìtì 10 fún wa ní nọ́ńbà 1024, ìlọ́po mẹ́rin ti 8. Sánmà tó ní ìṣísẹ̀ 24 á wá ní 96, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì gba ẹsẹ̀ píksẹ́lì 7 ààbọ̀. Fáìlì kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù torí èyí, nítorí pé ojú tó ń yọ̀ wọ́ọ́rọ́ rọrùn fún ènkódà láti méfò, ohun tó sì méfò kì í tún yíwọ́ nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ kò tó. Ẹ̀rọ tó ń gbé fídíò jáde, bíi mpv lórí kọ̀ǹpútà, ló máa wá ṣe dítà sórí ojú oní-bíìtì 8 lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, níbi tí ènkódà kankan kò sí mọ́ láti gbá a dànù. Àṣẹ rẹ̀ nínú ffmpeg nìyí:

```
ffmpeg -i sanma.mov -c:v libx265 -crf 20 -preset slow -pix_fmt yuv420p10le -tag:v hvc1 sanma_10.mp4
```

H.265 ni mo lò, kì í ṣe H.264, torí pé ọ̀pọ̀ fóònù tó lè ṣí H.265 oní-bíìtì 10 kò lè ṣí H.264 oní-bíìtì 10. Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kò lè ṣẹ̀dá ohun tí kò sí. Bó bá jẹ́ pé bíìtì 8 ni fáìlì tí ẹ kó wọlé, tó sì ti là sí abala, inú àpótí tó fẹ̀ ni ẹ kàn ko abala náà sí. Bíìtì 10 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú kámẹ́rà, tàbí ó kéré tán láti inú àpilẹ̀kọ iṣẹ́ àtúntò àwọ̀, kí ètò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ máa ṣírò ní bíìtì 16 tàbí 32.

Ohun kan wà níbí tí àwọn tó ń tún fídíò ṣe máa ń fọwọ́ ara wọn fà. Kámẹ́rà tó ń ya bíìtì 8 náà ní ariwo tirẹ̀, àwọn hóró kéékèèké tó ń hàn nínú òkùnkùn. Ariwo yẹn ni dítà àdáyébá. Òun ló ń fọ́n 60 àti 61 ká kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹni tó bá wá fi ètò ìmú-ariwo-kúrò sí i, kí sánmà lè dán bíi gíláàsì, tó sì tún fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè lẹ́yìn náà, fọwọ́ ara rẹ̀ la sánmà náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ mú ariwo kúrò lára ojú ìyàwó, ẹ mú un kúrò lójú ìyàwó, kí ẹ sì fi sánmà sílẹ̀.

Nígbà míì, dandan ni kí fáìlì jẹ́ bíìtì 8 àti H.264, torí pé a kò mọ irú fóònù tó máa ṣí i. Níbẹ̀, dítà tó jẹ́ ìdajì nọ́ńbà kò lè là á já. Gírénì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ la máa fi rọ́pò rẹ̀, kí a sì bẹ ènkódà pé kó má gbá a:

```
ffmpeg -i sanma.mov -vf "noise=c0s=6:c0f=t" -c:v libx264 -crf 16 -preset slow -tune grain -x264-params aq-mode=3:aq-strength=0.9 -pix_fmt yuv420p sanma_8.mp4
```

`c0s=6` ni bí gírénì ṣe le tó, orí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́, kò kan àwọ̀. `c0f=t` ń jẹ́ kó yí padà ní férémù kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà dúró gbagidi lójú bíi gíláàsì tí eruku bà lé. `-crf 16` mú kí iye tí ènkódà fi ń pín wà ní nǹkan bí 4, débi pé èyí tó ga nínú gírénì náà á kọjá láìdi òdo. `-tune grain` ń sọ fún un pé kó má máa yára sọ ohun kékeré di òdo, `aq-mode=3` sì ń fi bíìtì púpọ̀ sí i ránṣẹ́ síbi tó dúdú, níbi tí ènkódà ti máa ń ṣahun. Owó rẹ̀ ni pé fáìlì á tóbi gan-an, torí pé ariwo ni ohun tó nira jù lọ láti fún pọ̀. Ẹ dán `c0s=3` wò, kí ẹ dán 6 wò, kí ẹ dán 10 wò lórí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré nínú fídíò, ní apá tí sánmà ti pọ̀ jù. Èyí tó kéré jù tí ìlà kò ti hàn mọ́ ni kí ẹ mú.

Kí ẹ tó mú un, ẹ rí i dájú pé ojú ẹ̀rọ kọ́ ló ń parọ́ fún yín. Ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ́ńkú míì kò lè fi bíìtì 8 gan-an hàn. Ẹ ya férémù kan sílẹ̀ bí PNG, ẹ ṣí i nínú GIMP, ẹ sún un súnmọ́ títí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á fi hàn, kí ẹ fi ohun èlò ìmú-àwọ̀ kan píksẹ́lì bíi mélòó kan láti òkè sí ìsàlẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá ń bá yín lọ fún ẹsẹ̀ 30 tàbí 60, tó wá fò, inú fáìlì ni abala náà wà. Bí nọ́ńbà méjì bá dà pọ̀ mọ́ra, tí ojú sì ṣì rí ìlà, ẹ bi ojú ẹ̀rọ.

Wasáàpù ni ibi tí gbogbo ìlànà yìí ti máa ń kú. Bí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà, ó máa tún un fún pọ̀, gírénì tí ẹ fi owó bíìtì rà á sì di igun mẹ́rin-mẹ́rin tó ń rìn kiri. Ẹ fi ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, fáìlì náà á dé bó ṣe jáde. Bí kò bá ṣeé ṣe, nígbà tí ẹ bá ń ya fídíò ni kí ẹ ti ronú kan sánmà: ẹ yà á nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, kí nọ́ńbà rẹ̀ ga, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àwọsánmà, ewé ọ̀pẹ tàbí ilé gba díẹ̀ nínú àyè tó ṣófo náà.

Fún fáìlì tó ti là tẹ́lẹ̀, tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì ti sọ nù, ffmpeg ní `gradfun`, tó ń wá ibi tó fẹ́ẹ́ yọ̀, tó ń mú etí abala rọ̀, tó sì ń fi dítà sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú ẹni tó ń wo fídíò nígbà náà gan-an. Àmọ́ ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó ṣáájú ìfúnpọ̀, torí pé ìfúnpọ̀ á gbá dítà náà dànù, àwọn abala á sì tún padà wá. Nínú mpv, bọ́tìnì `b` ló ń tan irú ìtúnṣe bẹ́ẹ̀, tó sì ń pa á, lásìkò tí fídíò ń lọ lọ́wọ́; ibẹ̀ ló ti wúlò jù.

AV1, tó jáde lọ́dún 2018, gba ọ̀nà míì. Kì í gbìyànjú láti gbé gírénì kọjá nínú fáìlì. Ènkódà á yọ gírénì kúrò, á wo bó ṣe rí, á sì kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ ní nọ́ńbà díẹ̀: bó ṣe le tó nínú òkùnkùn, bó ṣe le tó nínú ìmọ́lẹ̀, bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó. Fóònù tó bá ṣí fáìlì náà ló máa ṣe gírénì tuntun tó jọ ọ́, tó sì máa fi í bo sánmà lẹ́yìn tí ìfúnpọ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú SVT-AV1, `film-grain` ni wọ́n ń pe ètò náà, láti 0 dé 50. 8 tó láti fi bẹ̀rẹ̀ fún fídíò ìrọ̀lẹ́. Gírénì bẹ́ẹ̀ lè bo etí abala tó kéré mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènkódà bá ti fi QP gíga la sánmà sí méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin kí gírénì tó dé, etí abala á ṣì máa yọjú lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà bíìtì 10 ni kí ẹ ṣì fi ṣe ìpìlẹ̀ fáìlì AV1 náà.